Ìlànà Ìmáàkì Ni Mo Máa Ń Kọ́kọ́ Kọ: Ìrírí Mi Lórí Títo Ìwé Ìdánwò

Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀, èmi náà sì ni wọ́n fi ṣe alábòójútó ìdánwò. Ohun tí àwọn olùkọ́ máa ń kó wá bá mi nígbà tí sáà bá ń parí lọ kì í ṣe ìwé ìdánwò. Àkójọ ìbéèrè lásán ni, tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sínú ìwé tàbí tí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ìbéèrè àṣàyàn tí àwọn ọmọ ń pè ní ọbujẹ́tíìfù àti ìbéèrè alálàyé tí wọ́n ń pè ní tíọ́rì, gbogbo rẹ̀ a sì dàpọ̀ mọ́ra wọn. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ètò ojú ewé títí n óò fi kọ ìlànà ìmáàkì tán. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó ń ṣe é ní òdìkejì: wọn yóò tẹ ìbéèrè, àwọn ọmọ yóò kọ ìdánwò, ìgbà tí ìwé ìdáhùn bá sì kún orí tábìlì ni wọn yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí máàkì kọ̀ọ̀kan wà fún. Ẹ̀pa kò bóró mọ́ nígbà yẹn, nítorí pé bí àlébù bá wà lára ìbéèrè, kò sí ẹni tí ó lè tún un ṣe mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdánwò iṣẹ́ àgbẹ̀ ti sáà kẹta fún kíláàsì SS2 ṣe àpẹẹrẹ. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìdánwò náà, ṣùgbọ́n n óò sọ àwọn ìbéèrè rẹ̀ ní Yorùbá níhìn-ín. Máàkì 60 ni ìdánwò ní ilé ẹ̀kọ́ wa, iṣẹ́ inú sáà ni ó ni 40 tó kù. A pín 60 náà sí méjì: ìbéèrè àṣàyàn 40, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdajì máàkì, yóò jẹ́ 20; ìbéèrè alálàyé mẹ́fà, kí ọmọ dáhùn mẹ́rin nínú wọn ní máàkì mẹ́wàá mẹ́wàá, yóò jẹ́ 40. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a jọ ń kọ́ iṣẹ́ náà kó ìbéèrè àṣàyàn 47 àti alálàyé mẹ́fà wá.

Apá kan nínú ìbéèrè kẹrin nínú àwọn alálàyé rẹ̀ lọ báyìí: "Àgbẹ̀ kan nílò 60 kg náítírójìn fún oko àgbàdo rẹ̀. Àpò NPK mélòó ni yóò rà?" Ẹni tó bá kà á gààràgà lè má rí nǹkan kan. Mo mú bébà, mo ní kí n kọ ìdáhùn rẹ̀ bí ó ṣe yẹ kí ọmọ kọ ọ́, pẹ̀lú máàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dúró. Irú ajílẹ̀ NPK wo? 15-15-15 ni, tí náítírójìn jẹ́ 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, tàbí 20-10-10? Àpò oníkílò mélòó? 60 kg náà, ṣé ti gbogbo oko ni tàbí ti hẹ́kítà kan? Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ ohun tí ó ní lọ́kàn dáadáa, kò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, àpẹẹrẹ tí a ṣe ní kíláàsì ni mo ń wò lọ́kàn." Ọmọ tí kò wá sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà kò ní rí inú ọkàn rẹ̀.

A tún un kọ: "Àgbẹ̀ kan fẹ́ fi 60 kg náítírójìn sí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan nínú oko àgbàdo hẹ́kítà 2. NPK 15-15-15 tí ó wà nínú àpò 50 kg ni ó fẹ́ lò. Ṣe ìṣirò iye àpò tí yóò rà. Fi gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ hàn. [máàkì 4]" Ìlànà ìmáàkì rẹ̀ wá di ohun tí a lè kọ láìsí iyèméjì:

60 × 2 = 120 kg náítírójìn: máàkì 1
120 × 100 ÷ 15: máàkì 1 fún ìgbésẹ̀
= 800 kg NPK: máàkì 1 fún ìdáhùn
800 ÷ 50 = àpò 16: máàkì 1

Àwọn tó ń máàkì ìṣirò fún WAEC mọ àṣà yìí dáadáa, wọ́n máa ń fi lẹ́tà M sàmì sí máàkì ìgbésẹ̀, wọ́n sì máa ń fi A sàmì sí ti ìdáhùn tó tẹ̀lé e. N kò rò pé ìṣirò nìkan ni ó yẹ kó ni ín. Ibi tí ó ti wúlò jù ni ìgbà tí ọmọ bá ṣìnà. Ẹni tó gbàgbé pé hẹ́kítà méjì ni yóò kọ 60 × 100 ÷ 15, yóò rí 400 kg, yóò sì parí rẹ̀ sí àpò 8. Bí olùkọ́ kò bá ní ìlànà lọ́wọ́, yóò rí 8 dípò 16, yóò fa igi sí i, ọmọ náà yóò gba òdo. Bẹ́ẹ̀ ohun kan ṣoṣo ni ọmọ yìí kò mọ̀. Máàkì àkọ́kọ́ nìkan ni yóò pàdánù, yóò gba mẹ́ta tó kù, nítorí pé gbogbo ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ tọ̀nà lórí nọ́ńbà tí ó ní lọ́wọ́.

Ẹlòmíràn yóò yí ìdá padà: 120 × 15 ÷ 100, yóò sì rí 18 kg. Ó gba máàkì àkọ́kọ́, ó pàdánù ti ìgbésẹ̀ àti ti ìdáhùn. Àwa méjì jiyàn lórí máàkì tó kẹ́yìn, nítorí pé ọmọ náà ṣì pín 18 pẹ̀lú 50. Mo dúró lórí pé kò ní gbà á: ajílẹ̀ tí ó wọn 18 kg kò lè gbé 120 kg náítírójìn sínú, ẹni tó mọ ohun tí ó ń ṣe sì gbọ́dọ̀ fura nígbà tí ìdáhùn bá já sí àpò tí kò tó ẹyọ kan. Bí ẹlòmíràn bá pinnu pé kí ó gbà á, kò burú, bí ó bá ti wà lákọsílẹ̀ kí ìmáàkì tó bẹ̀rẹ̀, tí a sì lo ìpinnu kan náà fún gbogbo ọmọ.

Ìbéèrè kejì ní àlébù mìíràn. "Ṣàlàyé àwọn àrùn kòkó àti bí a ṣe ń dènà wọn. Máàkì 10." Mo béèrè pé àrùn mélòó, àti pé bí ọmọ kan bá sọ̀rọ̀ lórí àrùn kan ṣoṣo dé ìdí tí ẹlòmíràn sì dárúkọ mẹ́rin ní ìlà méjì, ta ni yóò gba jù? Ìbéèrè tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò báyìí máa ń ṣe ojúsàájú fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá láti kọ̀wé. A là á sí wẹ́wẹ́: (a) Dárúkọ àrùn kòkó méjì [2]. (b) Lórí àrùn èso dúdú: (i) kí ló ń fà á? [1] (ii) sọ àmì rẹ̀ méjì lára èso [2]. (iii) sọ ọ̀nà mẹ́ta tí a lè gbà dènà rẹ̀ [3]. (iv) ṣàlàyé ìdí tí ó fi máa ń pọ̀ nígbà òjò [2]. Ó pé mẹ́wàá. Gbogbo ìbéèrè tí ọmọ lè yàn ni ó gbọ́dọ̀ wúwo bákan náà báyìí. Nígbà tí mo ka kókó inú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ìbéèrè kẹta ní kókó mẹ́fà péré, ìkarùn-ún ní mẹ́rìnlá, bẹ́ẹ̀ máàkì mẹ́wàá ni ó kọ sí ìdí àwọn méjèèjì.

Àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ inú ìbéèrè náà gbọ́dọ̀ bá máàkì mu. "Dárúkọ" àti "sọ" ní máàkì kan fún kókó kan. "Ṣàlàyé" ní méjì, ọ̀kan fún kókó, ọ̀kan fún ìdí rẹ̀: ọ̀rinrin pọ̀ nígbà òjò, ìyẹn kan; ọ̀rinrin yìí ni ó ń jẹ́ kí ohun tó ń fa àrùn náà gbilẹ̀ kí ó sì tàn láti èso dé èso, ìyẹn kejì. Tí ọmọ bá kọ márùn-ún níbi tí a ti béèrè mẹ́ta, mẹ́ta àkọ́kọ́ ni a ó máàkì. Bí a kò bá kọ èyí sínú ìlànà, olùkọ́ aláàánú yóò máa ṣa èyí tó tọ̀nà nínú márùn-ún, ẹni tó le kò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Apá tí mo fara balẹ̀ sí jù ni àwọn ìdáhùn tí a lè gbà àti èyí tí a kò lè gbà. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ní oko kòkó ní ìhà Ìdànrè kì í dáhùn bí ìwé ṣe sọ ọ́, ohun tí wọ́n ń rí lóko ni wọ́n ń kọ. Ní (iii), ìlànà wa gba kíká èso tó ti ní àrùn kúrò lórí igi, gígé ẹ̀ka kí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, gbígbin irúgbìn tí àrùn náà kì í tètè mú, àti fífín oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ọmọ tó bá kọ orúkọ tí ó wà lára páálí oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì yóò gba máàkì. Ẹni tó bá kọ "fífín oògùn" nìkan kò ní gbà á, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kọ oògùn kòkòrò, nítorí pé kòkòrò kọ́ ni ó ń fa àrùn èso dúdú. Ní (i), fọ́ńgọ́ọ̀sì ni ìwé tí a fi ń kọ́ wọn pè é. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì òde òní ti yọ ẹ̀dá yìí kúrò lára fọ́ńgọ́ọ̀sì gidi, ṣùgbọ́n ohun tí a kọ́ àwọn ọmọ ni a ó gbà, a ó sì gba orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n.

Ìgbà tí ìlànà ti àwọn alálàyé bá parí ni mo tó ń padà sí àwọn àṣàyàn, ìdí kan sì wà fún ètò yìí. Abala méjèèjì ni ó máa ń wà lọ́wọ́ ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè àṣàyàn 12 bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Àrùn èso dúdú tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń fà lára kòkó…" Ó ti fi ìdáhùn 2(b)(i) tọrẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. A yọ "tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń fà" kúrò. Láìṣe pé mo ti kọ ìlànà, ojú mi kì bá tí rí i.

Láti dín 47 kù sí 40, ìwé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkójọ náà. Ọ̀sẹ̀ 10 ni a fi kọ́ wọn, nítorí náà ìbéèrè mẹ́rin ni ó kan ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a lò lórí ilẹ̀ àti ajílẹ̀, ó yẹ kó ní 12, márùn-ún péré ni ó ní. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a lò lórí àrùn ohun ọ̀gbìn, ó yẹ kó ní mẹ́jọ, 17 ni ó ní. Kì í ṣe méje tí ó kẹ́yìn ni a gé kúrò: mẹ́sàn-án ni a yọ nínú ti àrùn, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì kọ méje tuntun lórí ilẹ̀. Àwọn ẹ̀kọ́ tó kù ni a fi dọ́gba ìyókù.

Ìdáhùn tí kò tọ̀nà ni ó ń sọ bí ìbéèrè àṣàyàn ṣe dára tó. Nínú mẹ́rin, ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè ṣe kòńgẹ́ mẹ́wàá nínú 40. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin bá jẹ́ ohun tí kò sí ẹni tó lè yàn án, mẹ́ta ló kù, kòńgẹ́ náà sì súnmọ́ 13. Nítorí náà, inú àṣìṣe tí àwọn ọmọ ń ṣe gan-an ni mo ti ń wá àwọn ìdáhùn yòókù. Ẹ wo èyí: "Igi kòkó mélòó ni yóò gba hẹ́kítà kan bí a bá gbìn ín ní 3 m × 3 m?" Hẹ́kítà kan jẹ́ 10,000 m², igi kan gba 9 m², ìdáhùn jẹ́ nǹkan bí 1,111. Ẹni tó rò pé 1,000 m² ni hẹ́kítà yóò rí 111. Ẹni tó pín in pẹ̀lú 3 nìkan yóò rí 3,333. Ẹni tó ro 3 pọ̀ mọ́ 3 yóò rí 1,667. A tò wọ́n láti kékeré sí ńlá: A. 111, B. 1,111, C. 1,667, D. 3,333. Nígbà tí àbájáde bá dé, lẹ́tà tí ọmọ yàn yóò sọ fún olùkọ́ ohun tí kò yé e.

Àlébù kan tó wọ́pọ̀ ni kí ìdáhùn tó tọ̀nà gùn ju àwọn yòókù lọ. "A ń bo kòkó kí ó lè: A. gbẹ, B. wúwo, C. jẹ́ kí ohun funfun ara rẹ̀ ṣàn kúrò, kí adùn ṣokoléètì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, D. tóbi." Ọmọ tí kò tíì rí kòkó rí yóò mú C. A gé e sí "ní adùn", gbogbo wọn sì wá ṣe déédéé. Bákan náà ni mo máa ń ka lẹ́tà ìdáhùn: nínú 40 yìí, 19 ni ó jẹ́ B. A ṣí ipò àwọn ìdáhùn padà títí tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fi wà láàárín 9 sí 11, láìfọwọ́ kan àwọn tí nọ́ńbà wọn ti tò láti kékeré sí ńlá.

Ní báyìí ni ètò ojú ewé wá kàn, kò sì gba àkókò púpọ̀ mọ́. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́, iṣẹ́, kíláàsì, sáà, àkókò àti ìtọ́ni ni yóò wà lókè, ìtọ́ni abala kọ̀ọ̀kan yóò sì wà ní orí abala náà pẹ̀lú iye ìbéèrè tí a fẹ́. Òpó méjì ni mo ń lò fún ìbéèrè àṣàyàn. Mo máa ń mú gbogbo ìlà ìbéèrè kan pọ̀, àyàfi ìlà tó kẹ́yìn, mo sì máa ń tẹ `Keep with next` nínú Word, kí ojú ìbéèrè má baà wà nísàlẹ̀ òpó kan kí ìdáhùn rẹ̀ sì wà lókè òpó kejì. Máàkì inú àmì [ ] yóò wà ní etí ọ̀tún nípasẹ̀ táàbù. Tí a bá fi àlàfo tì í síbẹ̀, bí a bá yí lẹ́tà padà, yóò fọ́n ká. Mo máa ń wá gbogbo `m2` jáde kí n sọ ọ́ di m². Àwòrán aláwọ̀ máa ń di dúdú biribiri nídìí ẹ̀rọ fótókópì, nítorí náà àwòrán onílà nìkan ni mo ń gbà. PDF ni mo ń gbé lọ sí ibi ìtẹ̀wé ní ìhà Ọjà Ọba, torí pé fáìlì Word máa ń yí ìrísí padà lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Ìlànà ìmáàkì kì í wà nínú fáìlì náà, kì í sì í wà lórí fíláàṣì kan náà.

Kí a tó tẹ̀ ẹ́ púpọ̀, mo máa ń tẹ ẹ̀dà kan, mo sì máa ń gbé e fún olùkọ́ mìíràn kí ó dáhùn ìbéèrè àṣàyàn láìrí ìdáhùn tiwa. Inú ẹ̀dà títẹ̀ yẹn ni àtòjọ lẹ́tà ìdáhùn ti gbọ́dọ̀ jáde. Ti inú àkójọ àkọ́kọ́ kò wúlò mọ́ lẹ́yìn tí ipò ìdáhùn ti yí padà. Ìyá àgbà kan tó ti kọ́ iṣẹ́ yìí ṣáájú wa ni ó bá wa ṣe é. Ìdáhùn wọn yàtọ̀ sí tiwa ní nọ́ńbà 31: "Èwo nínú ìwọ̀nyí ni ó ń ta sí gbòǹgbò? A. iṣu, B. kókò, C. gbágùúdá, D. ànàmọ́." C ni tiwa, D ni wọ́n mú. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí ló dé tí ẹ mú D?" Wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, gbòǹgbò ni ànàmọ́ náà ti ń ta." Òótọ́ ni: igi abẹ́ ilẹ̀ ni ti iṣu àti kókò, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ni ti gbágùúdá àti ànàmọ́, ìdáhùn méjì ni ó tọ̀nà. A fi atalẹ̀ rọ́pò ànàmọ́. Tí ìdáhùn bá yàtọ̀ báyìí, nǹkan méjì ni mo kọ́kọ́ máa ń wò: bóyá lẹ́tà wa ni kò tọ̀nà, tàbí ìbéèrè náà gba ju ìdáhùn kan lọ.

Ìlànà ìmáàkì kò tíì parí lọ́jọ́ tí ìdánwò bá parí. Èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni a pín kíláàsì méjèèjì láàárín ara wa, nítorí náà a kọ́kọ́ mú ìwé ìdáhùn díẹ̀, tó dára, tó wà láàárín àti tí kò dára, olúkúlùkù wa sì máàkì wọn sórí bébà ọ̀tọ̀. Ibi tí a ti yà jù ni 2(b)(ii). Ọmọ kan kọ pé "èso náà á jẹrà". Mo fún un ní máàkì, òun kò fún un. A gbà pé jíjẹrà nìkan kò tó, nítorí pé èso lè jẹrà nítorí nǹkan mìíràn. Àmì gbọ́dọ̀ sọ àbààwọ́n àwọ̀ ilẹ̀ tó ń fẹ̀ tó sì ń di dúdú, tàbí ohun funfun tó máa ń hù lé e lórí. A kọ ọ́ sínú ìlànà pẹ̀lú bírò pupa àti ọjọ́ tí a kọ ọ́, mo padà yọ máàkì tí mo ti fún ọmọ náà, a sì wá bẹ̀rẹ̀ ìmáàkì gan-an.